Ọ̀rọ̀ òdì ni, àbí àrífín lásán? Ohun mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan nílùú Ìbàdàn, níbi tí Mùsùlùmí, Onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe jọ ń gbé. Láàárín oṣù kan, ohun mẹ́ta ṣẹlẹ̀ lórí Wọ́tsáàpù wa. Èkíní, ọkùnrin kan tó ń jà nítorí owó ọdẹ òru pe Alfa àdúgbò ní "ajẹ-sàráà tí kò mọ̀wé." Èkejì, ìyá kan fi ìwàásù ránṣẹ́ pé kò sí ọ̀nà ọ̀run mìíràn àfi Jésù, àti pé iná ni ìpín ẹni tó bá kọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹsẹ̀ tẹ òkúta Èṣù tó wà lẹ́nu ọ̀nà Bàbá kan, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kó gbèjà ara rẹ̀ bó bá lágbára. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n kọ òfin pé ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn yóò san ₦20,000. Èwo gan-an ni ọ̀rọ̀ òdì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Bàbá Fọlá

Alàgbà Akọ̀wé, kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin nínú wọn. Abala 10 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé ìjọba kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba, Abala 39 sì fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan bú ẹ̀sìn, tàwọn ará Òkè Ọya tó ń lo Ṣàríà ni, kò kan àwa tí a wà níhìn-ín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí Alfa náà kò bá mọ̀wé lóòótọ́, òtítọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ, ẹni tó bá sì sọ òtítọ́ kì í jẹ̀bi.

Lọ́yà Ìyágankú

Bàbá Fọlá, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ dúró lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni ti Abala 10 àti Abala 39. Síbẹ̀, Abala 45 nínú ìwé kan náà gbà pé òfin lè dín ẹ̀tọ́ yẹn kù nítorí àlàáfíà ìlú àti nítorí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Kì í sì í ṣe Òkè Ọya nìkan ló ní òfin lórí bíbú ẹ̀sìn. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní Gúúsù, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lọ́dún 1916, ní abala kan tí wọ́n ń pè ní 204, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló sì so mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tí abala yìí ń béèrè, nítorí òun ni yóò la ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn níyà. Ó ní ẹni tó bá ṣe ohun kan ní gbangba, tí àwọn ènìyàn ẹ̀sìn kan kà á sí ìwọ̀sí sí ẹ̀sìn wọn, jẹ̀bi bó bá ti ní in lọ́kàn pé kí wọ́n kà á bẹ́ẹ̀. Ó tún fi kún un pé ẹni tó bá ṣe ohun tí òfin kọ̀, tó sì mọ̀ pé àwọn ẹlẹ́sìn kan yóò kà á sí ìwọ̀sí, òun náà jẹ̀bi. Ohun tí ẹni náà ní lọ́kàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Pé inú bí àwọn tó gbọ́ ọ kò tíì tó.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí Alfa, èébú ni. Alfa ni wọ́n bú, kì í ṣe Ìsìláàmù, ìjà owó ọdẹ ló sì bí i. Ìwàásù ìyá yẹn, ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ló ń sọ, kò dojú rẹ̀ kọ ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ti ẹ̀kẹta ló ba ni lẹ́rù: ó wọ àyè onílé láìgba àṣẹ, ó fẹsẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n ń bọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó ní lọ́kàn sábẹ́ fọ́tò. Kò sí lọ́yà tí yóò rí i rọrùn láti sọ pé kò mọ̀-ọ́n-mọ̀.

Nípa ti òtítọ́ tí ẹ mẹ́nu kàn, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ lẹ ń rántí. Ibẹ̀ ni òtítọ́ ti ń gba ènìyàn sílẹ̀. Adájọ́ wo ni yóò jókòó gbọ́ ẹ̀rí lórí bóyá ẹ̀sìn kan jẹ́ òtítọ́ tàbí irọ́?

Màmá Ìbejì

Ẹ̀yin lọ́yà yìí, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ilé ìjọsìn kan wà lẹ́yìn fèrèsé mi, aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn ń jí àwọn ọmọ mi. Mo lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n dín in kù, ni ọ̀kan nínú wọn bá sọ fún mi pé mò ń bá Ọlọ́run jà, pé ọ̀rọ̀ òdì ni mo sọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti yàn mí lódì. Ṣé ẹ̀yin náà lè fi tèmi sínú òfin yín?

Lọ́yà Ìyágankú

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ariwo ni tiyín, kò sí nínú ohun tí Alàgbà Akọ̀wé béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi nǹkan kan hàn wá tí mo fẹ́ kí akọ̀wé wa rí. Ẹ béèrè oorun, wọ́n sì dá yín lóhùn bí ẹni tó béèrè pé kí Ọlọ́run kúrò níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ "òdì" bá ti wọ inú ìwé òfin àdúgbò, irú ẹni tó dá yín lóhùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ lò ó.

Alfa Mùsílíù

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ti Alfa tí wọ́n bú, nítorí Alfa ni èmi náà, wọ́n sì ti pè mí ní ohun tó le ju ajẹ-sàráà lọ. Mo fara mọ́ ohun tí lọ́yà sọ. Bíbú Alfa, bíbú ènìyàn ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn ni pé ẹni tí wọ́n bú yóò gbé ẹ̀sìn wọ̀ bí aṣọ, yóò ní "ẹ ò rí i pé Ìsìláàmù ló bú," kí ogunlọ́gọ̀ lè bá a gbé ìjà tí kò tó òun nìkan í gbé. Ìyẹn ni mo pè ní jíjí ìbínú àwọn ẹlòmíràn lò.

Lọ́dọ̀ wa, ohun tí àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn kà sí ọ̀ràn ńlá ni bíbú Ọlọ́run àti àwọn Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹnu wọn kò sì kò lórí ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Máliki, èyí tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, le gan-an lórí Mùsùlùmí tó bá bú Ànábì: ìrònúpìwàdà rẹ̀ kò dá ìjìyà dúró lójú àwọn àgbà inú wọn. Ilé ẹ̀kọ́ Hánáfì kà á sí kíkúrò nínú ẹ̀sìn, wọ́n sì ń gba ìrònúpìwàdà. Ní ti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, Ímáàmù Àbú Hánífà ní a kì í pa á nítorí rẹ̀, nítorí àìgbàgbọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tóbi ju èébú náà lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onímọ̀ gbà ni pé ilé ẹjọ́ ni yóò gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹni tí inú ń bí ní ìta gbangba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ òdì ti yàtọ̀ sí àrífín. Bí o bá rí mi fín lónìí, tí o wá dọ̀bálẹ̀ lọ́la, mo lè dárí jì ọ́, ọ̀rọ̀ parí. Èmi ni mo ni ìwọ̀sí náà, èmi ni mo sì lè fi í sílẹ̀. Ànábì kò sí láyé mọ́ kí ẹnì kan tó lọ bá a fún àforíjì. Àwọn Máliki ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, a kò lè dárí jì lórúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó lè gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ẹ rí i pé kò yẹ kí ẹgbẹ́ onílé fọwọ́ kàn án.

Ẹ tún wo Súrà kẹfà, ẹsẹ̀ 108, níbi tí Ọlọ́run ti kọ̀ fún àwa fúnra wa láti bú ohun tí àwọn mìíràn ń ké pè lẹ́yìn Rẹ̀, kí wọ́n má baà fi àìmọ̀ bú Ọlọ́run padà. Ọmọkùnrin tó gbẹ́sẹ̀ lé Èṣù yẹn, bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹsẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ Awo

Ẹ ṣeun, Alfa. Mo dúpẹ́ pé ẹ rántí ẹsẹ̀ yẹn, àwa kì í sábà gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Àwa oníṣẹ̀ṣe kò ní ohun tó bá "ọ̀rọ̀ òdì" yìí mu rẹ́gí. Inú Bíbélì Yorùbá ni gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n, níbi tí Jésù ti sọ pé a kò ní dárí ọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́ jì. Ohun tí àwa ní ni èèwọ̀. Èèwọ̀ jẹ́ ohun tí a ṣe ju ohun tí a sọ lọ: o wọ igbó tí kò yẹ kí o wọ̀, o jẹ ohun tí òrìṣà rẹ kò jẹ, o fọwọ́ kan ohun tí kò tọ́ sí ọ. Bí a bá sì ti rú u, ètùtù wà fún un, a ó bi Ifá léèrè, a ó ṣe ohun tó bá ní kí a ṣe, ọ̀nà yóò sì là. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, àwa fúnra wa ń bá òrìṣà wa fa ọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà ti gbọ́ ọ rí: "Òrìṣà, bí o ò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi." Olùbọ ló ń sọ ọ́, lójúbọ. Kò sí ẹni tó mú un lọ àgọ́ ọlọ́pàá.

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn kọ sábẹ́ fọ́tò ló dun Bàbá jù, mo lè fi orí mi búra. Ẹsẹ̀ ni. Èṣù kò ṣàdédé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó níye ọdún tí epo ti ń kán sórí rẹ̀, bóyá bàbá bàbá rẹ̀ ló gbé e sọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ka ti ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká kà á dáadáa. Láti ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti túmọ̀ Bíbélì, Èṣù ni wọ́n ń pe ọ̀tá Ọlọ́run nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń bú òrìṣà wa nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ka Yorùbá. Ṣé ₦20,000 ni ẹgbẹ́ onílé fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọ kọ̀ọ̀kan?

Díákónì Adé

Ọmọ Awo, ẹ má bínú, mo rò pé ẹ ti sọ ọ́ di ńlá jù. Ẹni tó ń ka Bíbélì kò ní Bàbá kan lọ́kàn nígbà tó ń pe orúkọ yẹn, ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré ni. Mo gbà pé wọ́n lè tún un túmọ̀. N kò gbà pé ìwọ̀sí ni.

Ọmọ Awo

Díákónì, ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ló mọ bó ṣe dùn ún, kì í ṣe ẹni tó ní bàtà lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tó kà á kò gbèrò ibi. Ìyẹn ni mo ṣe ń béèrè lọ́wọ́ lọ́yà: bí èrò ọkàn bá ni gbogbo rẹ̀, ta ni yóò dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń fi àìmọ̀ bú lójoojúmọ́?

Lọ́yà Ìyágankú

Òfin kò lè ṣe ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi, n kò sì ní parọ́ fún yín. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá mú èrò ọkàn kúrò. Súrà 112 tí Mùsùlùmí ń kà nígbà ìrun sọ pé Ọlọ́run kò bímọ, a kò sì bí I. Ọ̀rọ̀ òdì ni lójú Onígbàgbọ́. Onígbàgbọ́ ń dìde lọ́jọ́ ìsinmi, ó ń jẹ́wọ́ pé Jésù ni Ọmọ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ òdì ni lójú Mùsùlùmí. Ẹ̀yin sì ti sọ tiyín. Ní àdúgbò tí ẹ̀sìn mẹ́ta ń gbé, ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ẹnì kìíní ni àìgbàgbọ́ ẹnì kejì. Bí a bá ń wo ohun tí ọ̀rọ̀ ń wí nìkan, gbogbo wa ni a ó máa sanwó ìtanràn, láti orí Ímáàmù títí dé orí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìsinmi. Ọ̀nà tó kù ni kí a wo bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ibi tí wọ́n ti sọ ọ́, àti ẹni tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ.

Ará Pẹ́kàmù

Ẹ jẹ́ kí n mú tàwọn ará ibí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá, nítorí ó jọ ohun tí lọ́yà ń sọ. Lọ́dún 1977 ni wọ́n dá ìwé ìròyìn kan lẹ́bi ní Lọ́ńdọ̀n nítorí ewì kan nípa Jésù, nígbà tí ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ́dún 1979, àwọn adájọ́ ní kò pọn dandan kí wọ́n fi hàn pé olùtẹ̀wé náà fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ òdì. Ó ti tó pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ rí i pé ìyẹn le ju Abala 204 yín lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn Mùsùlùmí gbé ẹjọ́ tiwọn wá nípa ìwé kan tí wọ́n ní ó bú Ànábì, ilé ẹjọ́ sì sọ fún wọn, lọ́dún 1990, pé ẹ̀sìn Krístì nìkan ni òfin náà ń dáàbò bò. Ìlú tí gbogbo ẹ̀sìn ti kún, òfin ń ṣọ́ ilé ẹnì kan ṣoṣo! Dípò kí wọ́n nà án dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀sìn, wọ́n fagi lé e pátápátá lọ́dún 2008.

Ohun tó kù ni òfin 2006 lórí ríru ìkórìíra sókè sí àwọn ènìyàn nítorí ẹ̀sìn wọn. Òun ń béèrè kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ìhalẹ̀, kí ẹni tó sọ ọ́ sì gbèrò láti dá ìkórìíra sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ kedere pé kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀sìn kan tàbí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ènìyàn ló ń ṣọ́, kì í ṣọ́ ẹ̀sìn. Èmi fúnra mi kò mọ̀ bóyá Ìbàdàn ti ṣe tán fún ìyẹn, nítorí lábẹ́ òfin ibí, ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fọ́tò ọmọ yẹn kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹsẹ̀ tó gbé wọ ọgbà onílé nìkan ni wọn ì bá bi í léèrè.

Bàbá Fọlá

Mo ti gbọ́ ti 204, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ẹnikẹ́ni máa ń lò ó?

Ọmọ Awo

Wọ́n ń lo irú rẹ̀, Bàbá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ìbàdàn yìí ni àwọn ọlọ́pàá ti mú oníṣẹ̀ṣe kan, wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin nítorí ohun tó sọ lórí ayélujára nípa àwọn Alfa àti ẹ̀sìn wọn. Ó lò ju oṣù mẹ́ta lọ látìmọ́lé kó tó gba béèlì. Kí ẹ tó bi mí, n kò sọ pé ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo ń sọ pé àwọn tó fi ẹsẹ̀ tẹ ojúbọ pọ̀ nílẹ̀ yìí, n kò sì tíì rí èyí tí wọ́n gbé kọjá ìlú méjì nítorí rẹ̀.

Akọ̀wé Àdúgbò

Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kí n kọ "kèfèrí" sínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́? Báwo sì ni kí n ṣe kọ òfin náà gan-an?

Alfa Mùsílíù

Alàgbà, ẹ má kọ kèfèrí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni, ó wà nínú Àlùkùránì, n kò lè kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ láìpè é.

Ọmọ Awo

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí Alfa bá pè é nínú ilé kéwú, kò kàn mí. Bí ọmọ rẹ̀ bá fi pe ọmọ mi nídìí omi, èébú ni ó sọ ọ́ dà yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni "ìmàle," tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kò fẹ́ kí a fi pe àwọn mọ́, ṣé ẹ ò ní kọ ìyẹn náà?

Alfa Mùsílíù

Ìmàle kò dùn mọ́ mi nínú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò ní kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá pè é. N kò tíì fara mọ́ ti kèfèrí.

Lọ́yà Ìyágankú

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìpàdé wọn. Ní ti kíkọ òfin, Alàgbà Akọ̀wé, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ "ọ̀rọ̀ òdì" kúrò pátápátá. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ní Sókótó, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nítorí ohùn tó fi ránṣẹ́ sórí Wọ́tsáàpù àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ojú òpó bíi tiyín ni. Bí ìwé ẹgbẹ́ yín bá ti lè kọ ọ́ pé Lágbájá jẹ̀bi ọ̀rọ̀ òdì, ìdájọ́ ti jáde lọ́wọ́ yín, ẹ kò sì ní mọ ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ó rí aládùúgbò fín, ẹ̀bẹ̀ ló kàn.

Ohun tí èmi ì bá kọ rèé: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn bú aládùúgbò rẹ̀, tàbí fọwọ́ kan ohun ìjọsìn rẹ̀, tàbí fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú òpó yìí. Ìwàásù kò sí fún ojú òpó yìí, ẹ̀sìn yòówù kó jẹ́." Ìlà kejì yẹn ni yóò yanjú ti ìyá oníwàásù láìsí pé ẹ dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́bi, nítorí ọ̀rọ̀ ọdẹ òru àti iná mànàmáná lẹ ṣí ojú òpó náà fún. Ní ti ₦20,000, àfi àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ ni ẹ lè bi. Ayálégbé tí kò fọwọ́ sí i kò sí lábẹ́ yín, ẹ kò sì lè lọ gba tẹlifísọ̀n rẹ̀. Ìkìlọ̀ àti yíyọ ènìyàn kúrò lójú òpó ni agbára yín mọ.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ ṣeun gan-an. A ṣèpàdé lánàá, ìlà méjèèjì wọlé, a yọ owó ìtanràn kúrò. Bàbá tó ni Èṣù ní òun kò fẹ́ ọlọ́pàá. Ó ní kí ọmọ náà wá gbá ẹnu ọ̀nà fún ọjọ́ méje, kí ó mú epo pupa wá, kí àwọn òbí rẹ̀ sì bá a wá. Onígbàgbọ́ ni bàbá rẹ̀, ó ní òun yóò ra epo náà ṣùgbọ́n ọmọ òun kò ní dà á sórí òkúta. Bàbá dáhùn pé òun kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dà á, pé ọwọ́ òun ṣì gbé igò. Ọmọ náà ti gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ní ti Alfa àti ọlọ́rọ̀ owó ọdẹ, wọn kò tíì kí ara wọn, owó ọdẹ náà kò sì tíì wọlé.